Owó Àìròtẹ́lẹ̀ Nínú Ìnáwó Ilé: Èló Ló Tó, Báwo Ni Ká Ṣe Kọ Ọ́?

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá nínú bíìlì tí wọ́n ń gbé fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé, lẹ́yìn sìmẹ́ǹtì, irin, pákó àti owó bíríkìlà, ìlà kan máa ń wà níbẹ̀ tí kì í fa àríyànjiyàn lọ́jọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ síwèé: "Kọntínjẹ́nsì, ìdá 10 nínú 100." Onílé á rò pé ààbò òun nìyẹn. Agbaṣẹ́ṣe á ti kà á mọ́ owó tó ń bọ̀ wá sọ́wọ́ òun. Kúántítì sáféyọ̀, ìyẹn ẹni tó wọn iṣẹ́ tó sì dá iye lé e, lè jẹ́ pé ṣe ló gbé ìlà náà wá látinú bíìlì ilé tó ṣe kẹ́yìn, tó kàn yí iye rẹ̀ padà. Nígbà tí ilé bá dé òrùlé tí owó sì ti fẹ́ tán, ìgbà yẹn ni olúkúlùkù á tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì di ti lọ́yà.

Ìbéèrè méjì ló so mọ́ ìlà yìí, wọn kò sì ṣe é dáhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èkíní ni pé èló ló yẹ kó jẹ́. Èkejì ni pé kí ni ká kọ sí iwájú rẹ̀.

Owó àìròtẹ́lẹ̀ ni owó tí a yà sọ́tọ̀ fún ohun tó lè yọjú lẹ́nu iṣẹ́ tí a ti gbà pé a fẹ́ ṣe, tí a kò tíì mọ̀ bóyá yóò yọjú tàbí bí yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó ń ṣe ìnáwó mọ̀ ọ́n dáadáa: ó máa ń fi ìwọ̀n ìrẹsì díẹ̀ kún ti àwọn tó pè nítorí àwọn mogbọ́-moyà. Bí ìrẹsì bá wọ́n sí i kí ọjọ́ ìnáwó tó pé, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bí ìyá ọkọ bá sì dédé ní òun ò fẹ́ ẹran mọ́, ẹja tútù lòun fẹ́, ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀bi mogbọ́-moyà. Nínú ilé kíkọ́, àwọn nǹkan mẹ́ta yìí ni wọ́n máa ń kó sínú àpò kan ṣoṣo: ohun tí a kò rí tẹ́lẹ̀, ọjà tó gbówó lórí, àti ọkàn onílé tó yí padà nígbà tó rí táìlì ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí àpò bá ti jẹ́ ọ̀kan, èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò ná an tán.

Ohun kẹrin tún wà tó fara jọ wọ́n, ìyẹn iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé yóò wáyé àmọ́ tí a kò tíì lè wọn. Kànga dẹ̀rọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí omi wà kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ilé náà yóò lo omi. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìlà tirẹ̀ nínú bíìlì, pẹ̀lú iye tí a fojú bù fún un. Bákan náà ni owó tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń wá gbà nígbà ìpìlẹ̀, nígbà dẹ́kìn àti nígbà òrùlé. Òfin ìdáàbòbò dúkìá tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2016 lòdì sí irú owó tipátipá bẹ́ẹ̀, nítorí náà agbaṣẹ́ṣe gidi kò ní kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn. Àmọ́ onílé tó pè é ní àìròtẹ́lẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Kò sí ohun tí wọ́n rò tẹ́lẹ̀ tó o.

Ọ̀rọ̀ iye ló kàn báyìí. Lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ìdá 5 nínú 100 ló wọ́pọ̀ jù nínú bíìlì, àwọn mìíràn sì máa ń fi 10. Iye yìí kì í ṣe irọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọn kì í sábà bi í léèrè irú ilé tó wà fún. Ìwádìí kan tí ilé iṣẹ́ Mott MacDonald ṣe fún àwọn aláṣẹ ìṣúná ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 2002 fi èyí hàn kedere. Wọ́n wo àwọn iṣẹ́ ìjọba tó ti parí, wọ́n sì fi iye tí wọ́n kọ́kọ́ fojú bù wé iye tí iṣẹ́ ná. Fún ilé tí kò ní àrà kankan, àfikún tí wọ́n dámọ̀ràn pé kí èèyàn gbé ka iye náà ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ dé ìdá 24 nínú 100. Fún ilé tó ní àrà, tó ṣòro kọ́, ó dé ìdá 51. Bí wọ́n bá sì ti ń yanjú àwọn ewu náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àfikún náà lè wálẹ̀ dé ìdá 2 fún ti àkọ́kọ́ àti ìdá 4 fún èkejì. Iye tó yẹ kò so mọ́ bí ilé ṣe tóbi tó nìkan. Ohun tí a kò tíì mọ̀ lọ́jọ́ tí a ń kọ bíìlì ló ń pinnu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká gbà pé ọmọ Yorùbá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníyàrá 4 sí agbègbè Sangotédó, lójú ọ̀nà tó lọ láti Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Àbúrò rẹ̀ ni yóò máa bá a wo iṣẹ́. Ká gbà pé bíìlì náà jẹ́ 100 mílíọ̀nù náírà gééré láìtíì fi owó àìròtẹ́lẹ̀ sí i. A mú iye yìí kó lè rọrùn láti ṣírò ni. Kì í ṣe iye ọjà òde òní. Púláànù ti wà, àmọ́ àwòrán iná àti ti omi kò tíì jáde. Wọn kò sì tíì yẹ ilẹ̀ wò.

Ilẹ̀ ni ọ̀gá gbogbo ewu lágbègbè yẹn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ àbàtà tí wọ́n da yanrìn lé. Lókè, yanrìn ni, ó gbẹ, ó sì dán. Àmọ́ bí àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ bá lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, ṣọ́bìrì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrẹ̀ dúdú bọ̀, tó rọ̀ bí àmàlà tí omi pọ̀ nínú rẹ̀, tó ń rùn nítorí ewé àti gbòǹgbò tó ti jẹrà sínú rẹ̀. Ilé kì í dúró lórí ìyẹn. Wọ́n á ní láti kó ẹrẹ̀ náà kúrò kí wọ́n fi yanrìn rọ́pò rẹ̀, tàbí kí wọ́n pa ìpìlẹ̀ lásán tì, kí wọ́n da kọnkéré onírin tó tẹ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ gbogbo ilé. Bó bá burú jù, wọ́n á kan òpó sílẹ̀ títí tí yóò fi dé ibi tó le. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ lè kọ́kọ́ wo ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò: fẹ́ǹsì tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ògiri tó sán láti igun fèrèsé lọ sókè, ilẹ̀ọ̀lé tó ti rì sísàlẹ̀ débi tí ilẹ̀kùn kò fi ṣeé pa dé mọ́. Ìwọ̀nyí ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tó ẹ̀rí.

Kúántítì sáféyọ̀ tó mọṣẹ́ yóò jókòó pẹ̀lú ẹnjiníà, wọn yóò sì kọ ewu kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú nǹkan méjì: bó bá ṣẹlẹ̀, èló ni yóò ná wa, báwo ló sì ṣe ṣeé ṣe tó pé kó ṣẹlẹ̀? Fún ilé Sangotédó yìí, wọ́n ní bí ilẹ̀ bá burú, àfikún rẹ̀ yóò tó 9 mílíọ̀nù, ó sì lè bọ́ sí ibi tó wù ú: ìdajì ìdajì ni. Fífa omi kúrò nínú kòtò ìpìlẹ̀ bí òjò bá ká wọn mọ́bẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan ààbọ̀, ó sì ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ ní ìdá 60 nínú 100. Ohun tí àwòrán iná àti omi yóò fi kún un bí ó bá jáde jẹ́ 3 mílíọ̀nù, ìdajì ìdajì. Bí àwọn aláṣẹ ìkọ́lé bá dá iṣẹ́ dúró tàbí tí wọ́n ní kí wọ́n sún ògiri sẹ́yìn, 2 mílíọ̀nù, ìdá 25. Bí ọkọ̀ ńlá kò bá lè wọ ọ̀nà àdúgbò, tí wọ́n ní láti fi ọkọ̀ kékeré máa kó yanrìn àti granáìtì láti títì, 1.6 mílíọ̀nù, ìdajì ìdajì.

Bí wọ́n bá fi iye ewu kọ̀ọ̀kan lọ́po ìṣeéṣe rẹ̀, tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 8.2 mílíọ̀nù. Ọ̀pọ̀ ìwé ìṣirò á dúró síbẹ̀, á ní ìdá 8 nínú 100 ti tó. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti máa ń wọlé. Nínú 8.2 yìí, 4.5 mílíọ̀nù ló wà fún ilẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò ní ná onílé ní 4.5 mílíọ̀nù láéláé. Yálà kó ná an ní 9, tàbí kó má ná an ní kọ́bọ̀. Ìjọba tó ń kọ́ ẹgbẹ̀rún ilé lè fi irú ìpíndọ́gba yẹn ṣiṣẹ́, nítorí èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ dára yóò san ti èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ kò dára. Ẹni tó ń kọ́ ilé kan ṣoṣo kò ní ilé mìíràn tí yóò gbà á sílẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ewu kan tó bá tóbi ju àwọn yòókù lọ fíìfíì, odindi rẹ̀ ló yẹ kó yà sọ́tọ̀, kó wá lo ìpíndọ́gba fún àwọn kéékèèké. Ìyẹn jẹ́ 9 mílíọ̀nù fún ilẹ̀, 3.7 mílíọ̀nù fún àwọn mẹ́rin yòókù, àti mílíọ̀nù kan lé ní 300,000 fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò rántí kọ sílẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 14 mílíọ̀nù, ìdá 14 nínú 100.

Onílé á pariwo. Ìdá 14 kẹ̀? Ohun tí ariwo yẹn ń sọ ni pé kí wọ́n lọ yẹ ilẹ̀ wò. Àwọn tó ń ṣe é á gbé ẹ̀rọ wá, wọ́n á ki irin oníṣóńṣó kan bọ ilẹ̀, wọ́n á máa ka agbára tí ilẹ̀ fi ń tì í padà bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Wọ́n á tún gbẹ́ ihò tóóró láti bu ilẹ̀ jáde ní ìjìnlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ká ní yóò ná an ní 800,000 náírà. Bí èsì bá fi hàn pé ilẹ̀ dára, 9 mílíọ̀nù náà ti kúrò nílẹ̀. Bí èsì bá sọ pé ẹrẹ̀ wà lábẹ́, 9 mílíọ̀nù kò lọ síbì kankan, ṣùgbọ́n kò jẹ́ àìròtẹ́lẹ̀ mọ́; ó ti di iṣẹ́ tí ẹnjiníà lè yà, tí a lè wọ̀n, tí àwọn agbaṣẹ́ṣe sì lè figagbága lé lórí. Bíìlì á di 109 mílíọ̀nù. Lọ́nà méjèèjì, owó àìròtẹ́lẹ̀ á wálẹ̀ sí 5 mílíọ̀nù.

Ẹ wò ó, ìdá 5 tí gbogbo èèyàn ń kọ náà la padà bá. Iye yẹn tọ́ fún ilé tí wọ́n ti yẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò, tí púláànù rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Fún ilé tí wọn kò tíì ṣe èyí fún, àdábọwọ́ lásán ni.

Àtúnṣe ilé àtijọ́ tún le ju ti ilé tuntun lọ, nítorí pé ewu rẹ̀ kò sí nínú ilẹ̀ nìkan. Ẹni tó bá ń tún ọ̀kan nínú àwọn ilé tí àwọn Àgùdà kọ́ sí Èkó tàbí Àjàṣẹ́ ṣe mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì bò lára. Kò sẹ́ni tó lè sọ bí igi àjà ṣe jẹrà tó títí tí wọ́n á fi ṣí i. Níbi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kọ ìdá 15 tàbí 20 kò ṣàṣejù, ó sì sàn kó kọ́kọ́ sanwó fún ṣíṣí ibi díẹ̀ wò kó tó dá iye kankan.

Èèyàn lè ti ka iye náà dáadáa tán, kó tún fi ẹnu ara rẹ̀ bà á jẹ́. Ilé aṣòfin Sikọ́tíláǹdì tó wà ní Holyrood, ní Ẹ́dínbọ́rà, ni àpẹẹrẹ tí àwọn oníṣẹ́ ìṣirò owó ilé kò lè gbàgbé. Ní 1997, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sínú ìwé ètò rẹ̀ pé ilé náà yóò ná láàárín 10 sí 40 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Nígbà tó di oṣù kẹfà 1999, Donald Dewar tó jẹ́ olórí ìjọba Sikọ́tíláǹdì dìde níwájú àwọn aṣòfin, ó ní gbogbo ìnáwó rẹ̀ yóò jẹ́ 109 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Iṣẹ́ ìkọ́lé gan-an nínú rẹ̀ jẹ́ 62 mílíọ̀nù. Ohun tí kò sọ, tí ìwádìí Lọ́ọ̀dù Fraser sì tú síta ní 2004, ni pé àwọn tó ṣírò owó náà ti gbé e dé 89 mílíọ̀nù, nítorí wọ́n ti fi 27 mílíọ̀nù kún un fún ewu. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà yọ owó ewu kúrò nínú iye tí wọ́n gbé sókè. Dewar kò mọ̀. Ilé náà ṣí ní 2004, ó sì ná 414 mílíọ̀nù pọ́n-ùn.

Kì í ṣe 27 mílíọ̀nù ni ì bá gba Holyrood là. Iṣẹ́ náà tóbi sí i, àwòrán rẹ̀ sì ń yí padà bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ lọ. Àmọ́ ẹni tó ń pinnu kò rí i pé ẹnikẹ́ni ń bẹ̀rù ohunkóhun. Bí wọ́n bá ti ka ewu tán, tí wọ́n wá fi í pamọ́ kí iye náà lè wuni, iye tó kù kì í ṣe iye ilé mọ́.

Ní ti ọjà tó ń gbówó lórí, ẹni tó kọ́lé ní Nàìjíríà láàárín 2023 sí 2024 kò nílò àlàyé. Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, wọ́n jẹ́ kí náírà máa rìn bí ọjà ṣe gbé e ní oṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tó sì di oṣù kejì 2024, sìmẹ́ǹtì ti gbówó lórí débi tí ìjọba àpapọ̀ fi pe àwọn tó ń ṣe é jókòó, tí wọ́n sì fẹnu kò sí 7,000 sí 8,000 náírà fún báàgì kan. Kò sí ìdá 5 nínú 100 tó lè gba irú ìjì bẹ́ẹ̀ dúró. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí owó ọjà ní gbólóhùn tirẹ̀. Wọ́n á kọ ọjọ́ tí wọ́n dá iye lé ọjà, wọ́n á wá to ọjà tó ṣe kókó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye rẹ̀ lọ́jọ́ náà: sìmẹ́ǹtì, irin, granáìtì, páànù òrùlé.

Ká ní sìmẹ́ǹtì jẹ́ 9,500 náírà lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ síwèé, báàgì 1,200 ló kù láti rà, ó sì wá di 11,000. Bí àdéhùn bá sọ pé agbaṣẹ́ṣe ni yóò gba ìdá 5 àkọ́kọ́ nínú àlékún mọ́ra, ìyẹn 475 náírà lórí báàgì kan, onílé á san 1,025 tó kù. Fún báàgì 1,200, ó jẹ́ mílíọ̀nù kan lé ní 230,000 náírà. Ìwé ẹ̀rí ọjà ni wọn yóò fi gbà á, kò sì ní kan owó àìròtẹ́lẹ̀ rárá. Bí ọjà bá sì wálẹ̀, gbólóhùn kan náà ló yẹ kó dá owó padà fún onílé. Ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé láti kọ ìyẹn.

Ó wá ku ohun tí wọn yóò kọ. "Kọntínjẹ́nsì, ìdá 10" kò sọ ẹni tó ni owó, ẹni tó lè ná an, ohun tí yóò ná an sí, tàbí ibi tí èyí tó kù ń lọ. Kò tiẹ̀ sọ pé ìdá 10 nínú kí ni. Ṣé nínú iṣẹ́ nìkan ni, tàbí pẹ̀lú owó orí ọjà ìdá 7.5 tó wà nísàlẹ̀? Bí onílé bá fi bọ́ìsì kọ́tà kún iṣẹ́ ní àárín ọ̀nà, ṣé ìdá 10 yóò gun orí ìyẹn náà? Iye pàtó ni kí wọ́n kọ. Ìdá wúlò fún ìgbà tí wọ́n ṣì ń fojú bù ú.

Fún ilé Sangotédó, lẹ́yìn àyẹ̀wò ilẹ̀, 5 mílíọ̀nù ni onílé ní lọ́wọ́. Kò pọn dandan kí gbogbo rẹ̀ wà nínú àdéhùn. Kó fi 3 mílíọ̀nù síbẹ̀, kó sì fi 2 mílíọ̀nù sí báńkì láìsọ fún ẹnikẹ́ni lẹ́nu iṣẹ́. Agbaṣẹ́ṣe tó bá ti rí owó nínú ìwé mọ bí a ti í wá iṣẹ́ fún un, kì í sì í ṣe pé ó burú. Bí ọmọ aráyé ṣe rí ni. Ohun tí wọ́n lè kọ nìyí:

"Owó àìròtẹ́lẹ̀: ₦3,000,000. Onílé ló ni owó yìí. Ó wà fún àfikún iṣẹ́ tó bá pọn dandan nítorí ohun tí púláànù, èsì àyẹ̀wò ilẹ̀ àti bíìlì kò fi hàn lọ́jọ́ tí a fọwọ́ sí àdéhùn. A kò ní fi san àlékún owó ọjà, àyípadà tí onílé bá fẹ́, tàbí àtúnṣe iṣẹ́ tí agbaṣẹ́ṣe bá bàjẹ́. Agbaṣẹ́ṣe kò gbọdọ̀ ná nínú rẹ̀ àfi bí ayàwòrán ilé bá fún un láṣẹ nínú ìwé kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé náà yóò sọ iṣẹ́ náà àti iye rẹ̀, tí a ó fi iye inú bíìlì ṣírò. Èyí tí a kò bá ná, a ó yọ ọ́ kúrò nínú owó àdéhùn nígbà ìṣirò ìkẹyìn."

Kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Àwọn kúántítì sáféyọ̀ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ irú rẹ̀, pé kí wọ́n ná an bí ayàwòrán bá ṣe pàṣẹ, kí wọ́n sì yọ èyí tó bá kù. Ìwé àdéhùn FIDIC tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ ńláńlá káàkiri ayé ní irú òfin bẹ́ẹ̀ fún owó tí wọ́n fojú bù: àfi bí ẹnjiníà bá pàṣẹ, kò ṣeé fọwọ́ kàn. Gbólóhùn tí àwọn èèyàn sábà máa ń fò nínú rẹ̀ ni "kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀." Láìsí i, ohun tí àbúrò onílé yóò máa gbọ́ lẹ́nu agbaṣẹ́ṣe ni: "Bọ̀dá, iṣẹ́ yẹn le o. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé owó kọntínjẹ́nsì ti bá a lọ." Iṣẹ́ ti parí, kọnkéré ti bò ó, ta ló fẹ́ wọ̀n ọ́n?

Lóòótọ́, omi lè ya wọ kòtò ìpìlẹ̀ lóru, kò sì sẹ́ni tó máa dúró de ìwé. Fún irú ọ̀ràn yẹn, kí wọ́n fi ìwọ̀nba kan sí i, bíi 100,000 náírà, tí agbaṣẹ́ṣe lè ná lẹ́yìn tó bá ti fi àwòrán àti ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, kí ìwé sì tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ méjì. Bí kò bá sì sí ayàwòrán lẹ́nu iṣẹ́, bó ṣe rí níbi ọ̀pọ̀ ilé, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni pàtó tí yóò máa pàṣẹ. Bó bá jẹ́ pé agbaṣẹ́ṣe ti gba iṣẹ́ náà lódindi, tó ní ohunkóhun tó bá yọjú wà lọ́rùn òun, á jẹ́ pé ó ti fi owó ewu sínú iye tó pè. Onílé kò gbọdọ̀ tún kọ ìlà mìíràn fún un.

Bí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, àbúrò onílé á ṣí ìwé kékeré kan: ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó pàṣẹ, iye, èyí tó kù. Ìgbà tí wọ́n bá da jámàn flọ́ọ̀ tán ni kí wọ́n kọ́kọ́ dúró wò ó. Bí wọ́n bá ti ná 2 mílíọ̀nù nínú 3 nígbà yẹn, kò fi dandan jẹ́ àmì pé nǹkan ti wọ́, nítorí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni èyí tó pọ̀ nínú ewu wà, wọ́n sì ti kọjá ibẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá ti kọjá ibẹ̀ tí wọn kò ná kọ́bọ̀ sórí omi, kí wọ́n yọ owó tí wọ́n kà fún omi, 900,000 náírà, kúrò nínú àpò náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, pẹ̀lú ìwé. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bá dé orí kíkun ilé, yóò ti di owó ọ̀dà olówó gọbọi tí kò sẹ́ni tó rántí pé òun pàṣẹ rẹ̀.